Ta Ló Ń Jẹ Àwọn Owó Kéékèèké Tí Báǹkì Ń Yọ?

Ẹni tó bá fi ₦120,000 ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀, tó sì ṣí sítétímẹ́ǹtì rẹ̀ wò nígbà tí oṣù bá parí, yóò rí i pé owó náà nìkan kọ́ ló jáde. ₦120,000 wà lórí ìlà tirẹ̀. ₦50 tẹ̀ lé e, ₦3.75 tẹ̀ lé ìyẹn, ₦50 mìíràn sì tún dúró sábẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń figbe bọnu pé báǹkì ti yọ ₦50 lẹ́ẹ̀mejì. Báǹkì kò yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Owó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń lọ.

₦50 àkọ́kọ́ jẹ́ owó iṣẹ́ tí báǹkì ń gbà nítorí pé ó bá oníbàárà fi owó ránṣẹ́. Báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ló fi iye rẹ̀ lélẹ̀ nínú ìwé ìtọ́sọ́nà owó iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020. Ẹni tó bá fi ₦5,000 tàbí ohun tó kéré sí i ránṣẹ́ yóò san ₦10. Láti orí iye yẹn dé ₦50,000, ₦25 ni. Ohun tó bá ju ₦50,000 lọ, ₦50 ni. ₦3.75 tó tẹ̀ lé e ni owó-orí VAT, ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ yẹn. Ìjọba ni báǹkì ń bá gbà á.

₦50 kejì ni owó sítáǹbù, tí wọ́n ń kọ ní STAMP DUTY. Ìjọba ló ni gbogbo rẹ̀, kò sì ní VAT lórí, nítorí owó-orí ni òun fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ láti dá àwọn méjèèjì mọ̀ nìyẹn: ₦50 tí ₦3.75 bá tẹ̀ lé jẹ́ ti báǹkì, èyí tó bá dá dúró jẹ́ ti ìjọba. Àwọn báǹkì kan máa ń da owó iṣẹ́ àti VAT pọ̀ sórí ìlà kan, tó fi jẹ́ pé ₦53.75 ni èèyàn yóò rí níbẹ̀. Bí owó tí a fi ránṣẹ́ kò bá ju ₦50,000 lọ, ₦26.88 ni yóò jẹ́. Bí kò bá ju ₦5,000 lọ, ₦10.75. Ẹni tó bá ti mọ iye mẹ́ta yìí sórí, ìdajì sítétímẹ́ǹtì rẹ̀ kò ní rú u lójú mọ́.

Orúkọ owó sítáǹbù yìí ti yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń san án. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, CBN pàṣẹ kí báǹkì máa yọ ₦50 lọ́wọ́ ẹni tí owó bá wọ àkáǹtì rẹ̀, bí owó náà bá ti tó ₦1,000. Ariwo sọ gan-an nígbà náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ₦50 lára ₦1,000 lè jẹ gbogbo èrè ẹni tó ń ta ata. Òfin ìnáwó ọdún 2019 gbé ààlà náà dé ₦10,000. Òfin ọdún 2020 wá pa orúkọ rẹ̀ dà sí EMTL, lẹ́tà mẹ́rin tó wà káàkiri sítétímẹ́ǹtì àtijọ́. Wọ́n là á sílẹ̀ nígbà náà pé nínú ọgọ́rùn-ún náírà EMTL tó bá wọlé, àwọn ìpínlẹ̀ yóò mú àádọ́ta, ìjọba ìbílẹ̀ yóò mú márùndínlógójì, tí márùndínlógún yóò sì kù fún ìjọba àpapọ̀ àti Àbújá. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn iléeṣẹ́ bí OPay àti Moniepoint kò yọ ọ́, èyí sì wà lára ohun tó mú kí àwọn oníṣòwò fẹ́ràn wọn. Ìyẹn parí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2024.

Àyípadà tó tóbi jù lọ dé pẹ̀lú òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Orúkọ àtijọ́ padà dé, STAMP DUTY. ₦50 kò lé, kò dín, ₦10,000 náà kò yí padà. Ẹni tó ń san án ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí owó wọlé fún ló ń san án. Ní báyìí, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ni. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lórí owó oṣù òṣìṣẹ́, tàbí lórí owó tí èèyàn bá gbé láti àkáǹtì rẹ̀ kan sí òmíràn tó jẹ́ tirẹ̀ nínú báǹkì kan náà.

Àwọn kan ti ń dọ́gbọ́n sí i. Wọ́n á pín ₦15,000 sí ọ̀nà méjì, ₦7,500 lẹ́ẹ̀mejì, kí owó sítáǹbù má baà kàn wọ́n. Ṣé ọgbọ́n yẹn mú owó wálé? Bí ₦15,000 bá lọ lẹ́ẹ̀kan, ₦26.88 àti ₦50 ni yóò jáde, àpapọ̀ rẹ̀ ₦76.88. Bí ó bá lọ lẹ́ẹ̀mejì, ₦26.88 ọ̀nà méjì ni, tí í ṣe ₦53.76. Èrè ibẹ̀ jẹ́ ₦23.12, àlẹ́ẹ̀tì kejì yóò sì tún gba ₦6 nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pín ₦40,000 sí ọ̀nà márùn-ún, ₦8,000 kọ̀ọ̀kan, yóò san ₦134.40 dípò ₦76.88. Ó sá fún owó ìjọba, ó kó sọ́wọ́ báǹkì.

Owó sítáǹbù ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjà, ní ọ́fíìsì àti lórí rédíò. Síbẹ̀, fún ẹni tó bá ń lo àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì, òun kọ́ ló ń jẹ owó jù. Kí èyí lè hàn, ẹ jẹ́ ká fi oníṣòwò aṣọ kan ní ọjà Gbági, Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni àfinúrò ni, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n máa ń yọ gan-an la fi ṣe ìṣirò rẹ̀, oṣù kan nínú ọdún 2026 la sì mú.

Àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì ló ń lò. Láàárín oṣù náà, ọgọ́ta oníbàárà san owó sínú rẹ̀, ogún nínú wọn sì san ju ₦10,000 lọ. Òun náà fi owó ránṣẹ́ nígbà mẹ́fà. Ó san ₦300,000, ₦180,000 àti ₦120,000 fún àwọn tó ń kó aṣọ fún un, ₦85,000 fún owó ilé-ìwé ọmọ, ₦45,000 fún télọ̀, ó sì fi ₦8,000 ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ kan. Gbogbo ohun tó jáde jẹ́ ₦738,000.

Owó iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mẹ́rin nínú ẹ̀ẹ̀mẹfà yẹn ju ₦50,000 lọ, ₦53.75 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì tó kù, ₦45,000 àti ₦8,000, jẹ́ ₦26.88 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦268.76. Owó sítáǹbù kan márùn-ún nínú wọn, nítorí ₦8,000 kò dé ààlà; ₦250 nìyẹn. Àlẹ́ẹ̀tì mẹ́rìndínláàádọ́rin, ọgọ́ta fún owó tó wọlé àti mẹ́fà fún èyí tó jáde, ní ₦6 ọ̀kọ̀ọ̀kan, di ₦396.

Ìlà kan wá kù tó máa ń yọjú nígbà tí oṣù bá ń parí, tí wọ́n ń kọ ní CAMF tàbí ACCOUNT MAINTENANCE FEE, owó ìtọ́jú àkáǹtì. Náírà kan ni lórí ẹgbẹ̀rún náírà kọ̀ọ̀kan tó bá jáde. Lórí ₦738,000, ₦738 ni, VAT rẹ̀ sì jẹ́ ₦55.35. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦793.35.

Gbogbo ohun tí wọ́n yọ lóṣù náà jẹ́ ₦1,708.11. Owó ìtọ́jú àkáǹtì nìkan kó ohun tó kù díẹ̀ kó tó ìdajì rẹ̀. Bí a bá sì pín in sí àpò tó ń lọ, ₦988 jẹ́ ti báǹkì àti àwọn tó ń bá a gbé owó láti báǹkì kan sí òmíràn, ₦396 jẹ́ owó àlẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ₦324.11 sì jẹ́ ti ìjọba. Ká ní oṣù yìí bọ́ sí ọdún 2025 ni, ₦50 lórí ogún oníbàárà tó san ju ₦10,000 lọ ì bá ti jáde nínú àkáǹtì obìnrin yìí, ₦1,000 gbáko, dípò ₦250 tó san ní báyìí. Ẹni tó bá ń gbowó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, tó sì ń fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, jèrè òfin tuntun yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń bú u lọ́jà ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn.

Kí ló dé tí owó ìtọ́jú àkáǹtì fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ti ń ṣòwò tipẹ́ mọ bàbá rẹ̀ dáadáa: COT ni. Nígbà kan, báǹkì lè gba tó ₦5 lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan tó bá jáde nínú àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì. CBN bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù: ₦3 ní 2013, ₦2 ní 2014, ₦1 ní 2015, kó sì kú pátápátá ní 2016. Nígbà tí 2016 dé, COT kú lóòótọ́, àmọ́ CBN gbà kí báǹkì máa gba owó ìtọ́jú àkáǹtì ní ipò rẹ̀, kó má ju ₦1 lórí ẹgbẹ̀rún lọ. Bó ṣe wà títí di òní nìyẹn.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí oníbàárà mọ̀ nípa rẹ̀. Èkíní ni pé àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì nìkan ló wà fún. Bí ó bá yọjú lórí àkáǹtì ìfowópamọ́, báǹkì ti ṣe àṣìṣe, ó sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Owó káàdì ni ti àkáǹtì ìfowópamọ́, ₦50 lóṣù mẹ́ta mẹ́ta pẹ̀lú VAT rẹ̀. Àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì kì í san owó káàdì náírà ní tirẹ̀, nítorí pé ó ti san owó ìtọ́jú.

Èkejì ni pé kì í ṣe gbogbo owó tó bá jáde ló yẹ kí wọ́n kà mọ́ ọn. Owó tí oníbàárà fúnra rẹ̀ san fún ẹlòmíràn wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó gbé lọ sí àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí tó gbé sí àkáǹtì rẹ̀ mìíràn nínú báǹkì kan náà kò sí níbẹ̀. Owó tí báǹkì fúnra rẹ̀ yọ, bí owó àlẹ́ẹ̀tì àti VAT, kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò bófin mu kí báǹkì máa gba owó lórí owó tó ti gbà.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ rí: ₦1 yẹn kì í ṣe iye kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ san. Òkè tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ni. Ìwé CBN sọ ọ́ kedere pé oníbàárà àti báǹkì lè dúnàádúrà lórí rẹ̀. Oníṣòwò tí owó rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ lóṣooṣù lè kọ lẹ́tà sí máníjà ẹ̀ka rẹ̀, kó ní kí wọ́n dín in kù sí àádọ́ta kọ́bọ̀ lórí ẹgbẹ̀rún. Bí báǹkì bá gbà fún obìnrin Gbági yẹn, ₦793.35 yóò di ₦396.68. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti ń ṣe é tipẹ́. Oníṣòwò ọjà tó máa ń na aṣọ mítà márùn-ún fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó sanwó ni kò mọ̀ pé òun lè ná ti báǹkì náà.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé kò kàn fi àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àkáǹtì ìfowópamọ́ ló lò lóṣù yẹn, ₦914.76 ni ì bá san, bí a bá yọ owó káàdì sẹ́yìn. Fún ẹni tí òwò rẹ̀ kéré, tí kì í kọ ṣẹ́ẹ̀kì, tí kò sì fẹ́ kí báǹkì máa yá òun lówó lórí àkáǹtì, ìfowópamọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òwò tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì ni báǹkì máa ń ṣí fún un, kò sì rọrùn láti sá fún un.

Ní ti àlẹ́ẹ̀tì, ₦4 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún díẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdajì kún owó wọn. Àwọn báǹkì tẹ̀ lé e, wọ́n sọ ọ́ di ₦6 láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún yẹn. Ìlànà CBN ni pé báǹkì kò gbọ́dọ̀ fi àlẹ́ẹ̀tì jèrè; iye tó ná an gan-an ni kó gbà padà. Ọ̀pọ̀ báǹkì kì í yọ ọ́ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Wọn á kó gbogbo rẹ̀ jọ títí oṣù yóò fi parí, ìgbà mìíràn sì wà tí owó kò ní sí nínú àkáǹtì, tí wọn á fi oṣù méjì tàbí mẹ́ta yọ pa pọ̀ lọ́jọ́ tí owó bá wọlé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ ti gbẹ tipẹ́ fi máa ń rí i pé ₦5,000 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ti dín kù kó tó fọwọ́ kàn án.

Èèyàn lè sọ pé òun kò fẹ́ àlẹ́ẹ̀tì orí SMS mọ́. Báǹkì yóò ní kó fọwọ́ sí ìwé kan pé bí olè bá wọ àkáǹtì òun tí òun kò sì gbọ́ lásìkò, ẹ̀bi ọrùn òun ni. Ẹni tó bá ń lo áàpù lè fara mọ́ ọn, nítorí áàpù àti ímeèlì máa ń sọ ohun kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Fún àgbàlagbà tó ń lo fóònù kékeré, ₦6 yẹn ni owó tó dára jù láti ná nínú gbogbo ìlà sítétímẹ́ǹtì. Oníṣòwò ní láti ṣọ́ra lọ́nà mìíràn: àwọn gbájúẹ̀ máa ń fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú ránṣẹ́, nítorí náà iye tó wà nínú àkáǹtì ló yẹ kó wò kó tó gbé ọjà lé oníbàárà lọ́wọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti owó tí kò dé ibi tó ń lọ. Èèyàn fi ₦200,000 ránṣẹ́, báǹkì kejì kọ̀ ọ́, owó padà wọlé. Lórí sítétímẹ́ǹtì, REVERSAL tàbí REV ló máa ń wà níwájú ₦200,000 tó padà. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni ₦53.75 àti ₦50 tí wọ́n ti yọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í padà. Tí oṣù bá sì parí, bí ẹ̀rọ bá ka ₦200,000 yẹn mọ́ owó tó jáde, owó ìtọ́jú àkáǹtì yóò mú ₦215 mìíràn. ₦318.75 ti lọ lórí owó tí kò kúrò níbì kankan.

Ìdánwò tó máa ń tú àṣírí èyí kò le. Kí oníbàárà kó gbogbo owó tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn àti sí àkáǹtì tirẹ̀ ní báǹkì mìíràn jọ, kó yọ èyí tó padà wọlé kúrò, kó pín ìyókù sí ẹgbẹ̀rún. Bí CAMF orí sítétímẹ́ǹtì bá ju ìdáhùn yẹn lọ, wọ́n ti gbà jù. Lẹ́yìn ìyẹn, kó wo àwọn ìlà STAMP DUTY lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé èyíkéyìí wà lórí owó tí kò tó ₦10,000, lórí owó oṣù, tàbí lórí owó tó wọlé láti ọdún 2026?

Ẹni tó bá rí àṣìṣe kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sáré lọ sí CBN. Báǹkì rẹ̀ ló yẹ kó kọ̀wé sí, kó to ọjọ́ àti iye ìlà kọ̀ọ̀kan tó ń jà lé lórí, kó sì béèrè fún nọ́ńbà ẹjọ́ náà. Dandan ni kí báǹkì fún un ní nọ́ńbà yẹn. Ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà ló wà lórí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọn kò bá kọ sílẹ̀, mílíọ̀nù méjì sì ni ti rírú ìlànà owó iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí àbájáde, nígbà náà ni kó kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN, ní cpd@cbn.gov.ng, kó fi nọ́ńbà ẹjọ́ àti sítétímẹ́ǹtì náà sí i.

Sítétímẹ́ǹtì oṣooṣù yẹn, ọ̀fẹ́ ni báǹkì gbọ́dọ̀ fún oníbàárà. Èyí tí èèyàn bá fúnra rẹ̀ lọ béèrè fún, yàtọ̀ sí ti oṣooṣù, ni wọ́n lè gba owó lé lórí, kò sì gbọ́dọ̀ ju ₦20 lọ fún ojú ìwé kan. Ẹ béèrè fún ti oṣù tó kọjá, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí CAMF.